Ilẹ̀ kan, orúkọ mẹ́ta: bí mo ṣe fi ọwọ́ wo ilẹ̀ adágún ẹja mi

Adágún ẹja tí mo kọ́kọ́ gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ odò lọ́nà Ìwó kò gba omi dúró. A ó pọn omi kún un lónìí, tó bá fi máa di ọ̀la, omi ti fà lọ. Ọkùnrin tó gbé katapílà wá wo orí ilẹ̀ náà, ó fi bàtà tẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, amọ̀ ni. Ẹ fọkàn balẹ̀." Bó ṣe gba owó rẹ̀ lọ nìyẹn. Tapólì tí mo wá rà láti tẹ́ sínú adágún náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó gbígbẹ́ fúnra rẹ̀, inú sì ń bí mi títí dòní tí mo bá rí i tó ń ya nínú oòrùn. Nígbà tó kan adágún kejì, mo ní ẹnikẹ́ni kò ní fi bàtà sọ irú ilẹ̀ tí mo ní fún mi mọ́. Èmi fúnra mi ni mo máa fi ọwọ́ wò ó.

Wíwa ilẹ̀, ṣíṣa gbòǹgbò kúrò, ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, mi ò ní dá yín dúró síbẹ̀. Ohun tó kàn ni kí ẹ bu ilẹ̀ tó kún àtẹ́lẹwọ́ díẹ̀, kí ẹ máa kán omi sí i, kí ẹ sì máa pò ó títí yóò fi rọ̀ láìro omi. Ẹ ṣù ú. Bí kò bá ṣeé ṣù, iyanrìn lásán ni. Bó bá ṣeé ṣù, ẹ fi àtàǹpàkò máa tì í lórí ìka ìlábẹ̀ kó máa na jáde bí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, kó máa gùn lọ títí yóò fi já fúnra rẹ̀. Bí kò bá nà rárá, iyanrìn tó ní amọ̀ díẹ̀ nínú ni. Èyí tó já kó tó pé ṣẹ̀ǹtímítà 2.5 wà ní ẹbí lóòmù, ìyẹn ilẹ̀ tí iyanrìn, amọ̀ àti erùpẹ̀ kíkúnná dàpọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó já láàárín 2.5 sí 5 wà ní ẹbí lóòmù alámọ̀. Èyí tó kọjá 5 ti wọ agbolé amọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ já díẹ̀ nínú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ da omi sí i kó ṣàn dáadáa, ẹ fi ìka ra á. Bí iyanrìn bá ń ha yín lọ́wọ́ ju ohunkóhun lọ, ẹ fi "oníyanrìn" kún orúkọ náà. Bó bá kúnná bí ẹ̀lúbọ́, síìtì ló pọ̀ níbẹ̀, ìyẹn erùpẹ̀ tó kúnná ju iyanrìn lọ ṣùgbọ́n tí kò kúnná tó amọ̀. Bí kò bá sí èyí tó borí, ẹ fi orúkọ náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rúlà ọmọ mi tó ń lọ sílé ìwé ni mo fi wọn ọ̀já tèmi.

Ilẹ̀ òkè kò yọ mí lẹ́nu. Ó ṣeé ṣù, ọ̀já rẹ̀ kò ju ṣẹ̀ǹtímítà kan lọ, iyanrìn ń ha ọwọ́: lóòmù oníyanrìn. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo dé ilẹ̀ pupa ìsàlẹ̀, láti nǹkan bí 60 ṣẹ̀ǹtímítà lọ sísàlẹ̀. Ilẹ̀ yìí ni omi máa jókòó lé, òun gan-an ni mo sì fẹ́ mọ̀. Ó lẹ̀ mọ́ dígà débi pé igi la fi ń ha á kúrò. Síbẹ̀ nígbà tí mo pò ó, ọ̀já rẹ̀ já ní ṣẹ̀ǹtímítà 2, ó sì ń ha ọwọ́. Lóòmù oníyanrìn tún ni! Bó bá rí bẹ́ẹ̀, tapólì mìíràn ti ń dúró dè mí lọ́jà.

Mi ò gbà. Mo kó ilẹ̀ náà sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò kan, mo sanwó. Wọ́n ní kí n padà wá, mo padà lọ, wọ́n tún ní kí n padà wá. Nígbà tí ìwé náà jáde, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni iyanrìn 52%, síìtì 12%, amọ̀ 36%, wọ́n wá kọ "lóòmù alámọ̀" sí abẹ́ rẹ̀. Mo gbé àwòrán onígun mẹ́ta tí wọ́n fi ń sọ ilẹ̀ lórúkọ jáde, mo fa ilà mi, ibi tí ilà bọ́ sí ni "amọ̀ oníyanrìn". Ilẹ̀ kan ṣoṣo, orúkọ mẹ́ta: ọwọ́ mi sọ ọ̀kan, ìwé sọ ọ̀kan, nọ́ńbà inú ìwé kan náà tún sọ òmíràn.

Ti ìwé ni mo kọ́kọ́ yanjú. Lórí àwòrán yẹn, amọ̀ ló wà ní apá òsì, ilà rẹ̀ sì dùbúlẹ̀ gbọọrọ láti òsì lọ sí ọ̀tún. Iyanrìn wà nísàlẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ ń pọ̀ sí i láti ọ̀tún lọ sí òsì, ilà rẹ̀ kì í sì í lọ sókè tààrà. Ńṣe ló ń dagun lọ sí apá òsì bó ṣe ń gòkè. Ibi tí ẹni tó kọ ìwé mi ti ṣì í nìyẹn. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò: ẹ fi ìka sí 52 nísàlẹ̀, ẹ gùn ún lọ sókè tààrà títí dé ilà amọ̀ 36, inú ilé "lóòmù alámọ̀" lẹ máa bọ́ sí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka síìtì ojú ibẹ̀, nǹkan bí 30 lẹ máa bá, nígbà tó jẹ́ pé 12 ni wọ́n kọ sínú ìwé. Bí ẹ bá tẹ̀ lé ilà tó dagun, síìtì máa jẹ́ 12 gẹ́lẹ́, ilé "amọ̀ oníyanrìn" lẹ sì wà, nítorí pé ilé yẹn ń fẹ́ amọ̀ tó tó 35% àti iyanrìn tó tó 45%. Nọ́ńbà méjì tó láti rí ojú ibẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ fi dá ara yín lójú. Mo sanwó kí wọ́n bá mi ka àwòrán, èmi ni mo wá ń bá wọn kà á.

Ó wá ku ọwọ́ mi. Bí amọ̀ bá jẹ́ 36% lóòótọ́, kí ló dé tí ọ̀já mi fi já ní ṣẹ̀ǹtímítà 2? Mo tún un ṣe. Mo fi omi kún un, ó kàn yọ̀ lọ́wọ́ mi, ọ̀já tún kúrú sí i. Mo dín omi kù, ó sán. Mo lọ bu ilẹ̀ láti ihò mìíràn, ibì kan náà ló tún já sí. Ọwọ́ mi pupa, ẹ̀yìn ń dùn mí, àwọn tó wá bá mi ṣiṣẹ́ sì ti jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀gá ti di amọ̀kòkò.

Bàbá kan ní abúlé náà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ló tú u fún mi. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "O ò tíì pò ó." Mo ní, "Bàbá, mo ti pò ó, ẹ wo ọwọ́ mi." Ó ní, "O ti fi omi rin ín ni. Tún un pò, kí o má sì dúró tí mi ò bá ní kí o dúró."

Irin tó wà nínú ilẹ̀ pupa wa, tó ń fún un ní àwọ̀ rẹ̀, máa ń so amọ̀ pọ̀ di hóró kéékèèké tó le. Bí ìka bá kàn án, iyanrìn ni ẹ máa pè é, bẹ́ẹ̀ amọ̀ ni. Ní ilé àyẹ̀wò, wọ́n máa ń rẹ ilẹ̀ sínú oògùn tó ń tú hóró wọ̀nyẹn ká, wọ́n á tún fi ẹ̀rọ rò ó kí wọ́n tó wọn ohunkóhun. Èmi kò ní oògùn, ọwọ́ nìkan ni mo ní, mo sì ń dúró ní kété tó bá ti rọ̀. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ lójú Bàbá, ilẹ̀ náà ń gbẹ lọ́wọ́ mi, mo ń kán omi sí i, ó tún ń gbẹ. Ó ní àmì nìyẹn pé hóró náà ń fọ́, amọ̀ inú rẹ̀ sì ń mu omi. Ó ní kí n má dúró títí tí kò fi ní máa gbẹ mọ́, tí kò sì ní máa le sí i mọ́.

Ọ̀nà mìíràn wà láti mọ̀ ọ́n. Ẹ mú hóró kan tó ń ha yín lọ́wọ́, ẹ fi èékánná àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Iyanrìn tòótọ́ kò ní fọ́, yóò kàn máa dún ni. Èyí tó bá fọ́, tó sì kun èékánná yín ní pupa, amọ̀ ló ń díbọ́n. Nínú ilẹ̀ tèmi, àwọn tó fọ́ pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

Nígbà tí Bàbá ní kí n dúró, ọ̀já náà lọ, ó lọ, ó kọjá ṣẹ̀ǹtímítà 5 díẹ̀ kó tó já, iyanrìn tòótọ́ sì ṣì ń ha ọwọ́. Amọ̀ oníyanrìn. Ọwọ́ mi àti nọ́ńbà wọn ti wá bára mu, mo sì pe àwọn tó wà lábẹ́ igi kí wọ́n wá wò ó. N ò purọ́, mo yangàn díẹ̀. Òótọ́ ni pé 36 wà lẹ́nu ààlà 35, ọwọ́ ẹlòmíì lè pè é ní lóòmù alámọ̀-oníyanrìn, mi ò sì ní bá a jà: èyíkéyìí nínú méjèèjì lè gba omi adágún dúró. Lóòmù oníyanrìn ni mò ń sá fún.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe bí tèmi tó jẹ́ pé ilẹ̀ tó le jù ni mo fi kọ́ṣẹ́. Ẹ wá ilẹ̀ tí wọ́n ti wọn nọ́ńbà rẹ̀, ẹ tọ́jú díẹ̀ sínú ike, ẹ kọ nọ́ńbà náà sí i lára, kí ẹ máa pò ó kí ọwọ́ yín lè mọ bí 20% àti 36% ṣe rí. Mo ti ní irú ike bẹ́ẹ̀ báyìí, mo sì máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kan tinú rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan ilẹ̀ tuntun.

Ohun kan tí àwòrán onígun mẹ́ta kò lè sọ fún yín ni òkúta. Ohun tí kò tóbi ju mílímítà 2 lọ nìkan ló mọ̀; èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, asẹ́ ti dá a dúró ní ilé àyẹ̀wò, wọn kì í sì í kà á mọ́ ọn. Ní agbègbè wa, òkúta wẹ́wẹ́ sábà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ sábẹ́ ilẹ̀ òkè, kódà àárín amọ̀ ni ó ń wà. Mo gbẹ́ ihò kan sí igun kọ̀ọ̀kan ibi tí adágún máa wà, mo da omi kún wọn ní àárọ̀, mo tún bu omi kún wọn nírọ̀lẹ́, mo fi ewé bò wọ́n. Lọ́jọ́ kejì omi ṣì wà nínú gbogbo wọn àfi èyí tó wà lápá òkè, bẹ́ẹ̀ ọ̀já ilẹ̀ ibẹ̀ gùn bíi ti àwọn yòókù. Nígbà tí mo sẹ́ ilẹ̀ ihò yẹn, òkúta tó kù sórí asẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ilẹ̀ tó jò kọjá. A sún adágún náà wá sísàlẹ̀ kúrò níbẹ̀.