Irọ́ ọlọ́jà nínú ìdánwò òfin àdéhùn: bí a ṣe ń yà á kúrò lára ìpolówó, àti bí a ṣe ń mọ ohun tí oníbàárà lè gbà

Ìbéèrè kan wà tí kì í wọ́n nínú ìdánwò òfin àdéhùn. Ẹnì kan ta nǹkan, ó sọ̀rọ̀ púpọ̀ kó tó gba owó, ẹni tó rà á wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹ gba oníbàárà ní ìmọ̀ràn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á sáré kọ ọ́ pé ọlọ́jà purọ́, kó san owó gbà-máà-bínú. Ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kì í gba máàkì púpọ̀, nítorí pé nǹkan méjì ni olùkọ́ ń wá: èwo nínú ọ̀rọ̀ ọlọ́jà ni òfin kà sí, àti pé kí àdéhùn túká ni oníbàárà yóò bèèrè ni, àbí owó. Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè kan, ká bá a dé òpin.

Ìyá Kẹ́mi ń ta tòmátì ní ọjà Ìgbóǹnà ní Òṣogbo. Ó fẹ́ ra Sienna tí yóò máa fi kó ọjà, ó sì lọ bá Alhaji kan tó ń ta mọ́tò nítòsí Ọláìyá. Alhaji ní: "Ìyá Kẹ́mi, kò sí Sienna tó dà bí èyí ní gbogbo Òṣogbo. A ò tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀ rí. Lójú tèmi, tẹ́ ẹ bá fi ń ná ọ̀nà Ìbàdàn, owó gidi lẹ ó máa rí lọ́sẹ̀." Mẹkáníìkì tí ìyá náà mú dání wo táyà àti bíréèkì nìkan. Ìyá Kẹ́mi san ₦4,500,000. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì nítòsí Gbọ̀ngán. Tòmátì ₦240,000 jẹrà, ₦60,000 ló sì san fún àwọn tó fa mọ́tò náà wálé. Nígbà tí mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì, ó fi hàn án pé wọ́n ti tú u rí, ó sì hàn gbangba pé Alhaji fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ fún àtúnṣe kó tó gbé e síta. Ìyá Kẹ́mi mọ gbogbo èyí, síbẹ̀ ó fi ₦400,000 tún un ṣe, ó sì fi kó tòmátì fún oṣù mẹ́ta sí i, kó tó ní òun ò ṣe mọ́, kí Alhaji gba mọ́tò rẹ̀, kó dá owó òun padà. Bí mọ́tò náà ṣe wà lọ́jọ́ tó rà á, kò ju ₦3,200,000 lọ. Ká ní òótọ́ ni Alhaji sọ, ì bá tó ₦5,000,000.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ya ọ̀rọ̀ ọlọ́jà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ẹ má kó gbogbo ohun tí Alhaji sọ pọ̀ sójú kan. Gbólóhùn mẹ́ta ló sọ, ìdájọ́ wọn ò sì dọ́gba.

"Kò sí Sienna tó dà bí èyí ní gbogbo Òṣogbo" jẹ́ ìpolówó lásán. Kò sẹ́ni tó lè dán an wò kó mọ̀ bóyá òótọ́ ni, oníbàárà tó sì lọ́gbọ́n lórí kò ní torí ẹ̀ yọ owó. Nínú ẹjọ́ Dimmock àti Hallett (1866), ilé ẹjọ́ wo ọ̀rọ̀ tó ní ilẹ̀ kan lọ́ràá, ó sì ṣeé mú dára sí i, wọ́n ní ìpolówó ni. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Bí ìpolówó bá gbé ẹ̀rí ìdánilójú dání, ó ti kúrò ní ìpolówó. Ilé iṣẹ́ olóògùn tí obìnrin kan, Carlill, pè lẹ́jọ́ nítorí owó tí wọ́n ṣèlérí nínú ìpolówó wọn ní ìpolówó lásán ni àwọn ń ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ ọ́ pé àwọn ti fi £1,000 sí báńkì láti fi hàn pé àwọn kò ṣeré. Ní 1892, ilé ẹjọ́ kò gba àwáwí yẹn lọ́wọ́ wọn.

"A ò tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀ rí" ni ọ̀rọ̀ gan-an. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tàbí tí kò ṣẹlẹ̀ ni, a lè wádìí rẹ̀, kò sì jẹ́ òótọ́. Ohun tí òfin ń pè ní mísírẹ̀pùrẹsẹntéṣọ̀n nìyẹn: ọ̀rọ̀ nípa ohun tó wà tàbí tó ti ṣẹlẹ̀, tí kò rí bẹ́ẹ̀, tó sì wà lára ohun tó mú ẹnìkejì wọ àdéhùn.

Ẹ̀kẹta, ti owó gidi lọ́sẹ̀, ló máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Èrò ni, èrò nìkan kì í sì í ṣe irọ́ bó bá kùnà. Nínú ẹjọ́ Bisset àti Wilkinson (1927), ọlọ́jà ní òun rò pé ilẹ̀ òun á gba 2,000 àgùntàn. Kò gbà wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò tíì sin àgùntàn níbẹ̀ rí, oníbàárà sì mọ̀ pé èrò ni ọlọ́jà ń sọ. Ọlọ́jà jàre. Bẹ́ẹ̀ náà ni Alhaji tó ń ta mọ́tò, tí kì í fi mọ́tò ná ọ̀nà Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá ní Alhaji ti ná ọ̀nà Ìbàdàn fún ogún ọdún, ẹ yí ìdáhùn padà. Ilé iṣẹ́ Esso tó mọ òwò epo dunjú ló sọ fún Mardon, tó fẹ́ gba ibùdó epo kan lọ́wọ́ wọn, pé ibùdó náà á máa ta 200,000 gálọ́ọ̀nù lọ́dún, ó sì gba ẹ̀bi ní 1976, nítorí ẹni tó mọ iṣẹ́ ló ń fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní èrò.

Ìgbésẹ̀ kejì: ṣé ọ̀rọ̀ yẹn ló mú un rà á?

Alhaji á ní ìyá náà mú mẹkáníìkì wá, kí ló dé tí kò wo ẹ́ńjìnnì? Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn. Pé èèyàn ní àyè láti wádìí tí kò wádìí kò gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Redgrave àti Hurd (1881) ni kí ẹ tọ́ka sí. Yóò yàtọ̀ bó bá jẹ́ pé mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì wò, tí Ìyá Kẹ́mi sì torí ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì rà á, kì í ṣe torí ti Alhaji. Nínú ẹjọ́ Attwood àti Small (1838), ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, oníbàárà sì pàdánù. Táyà àti bíréèkì nìkan ni mẹkáníìkì tiwa wò, nítorí náà ọ̀rọ̀ Alhaji ló gbé ìyá náà dé ibi tó ti sanwó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: irú irọ́ wo ni?

Ẹ má fo ibí yìí, nítorí ibí ni owó gbà-máà-bínú ti ń wá. Alhaji mọ̀ pé wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì, ó sì sọ òdìkejì. Ẹ̀tàn ni, bí ẹjọ́ Derry àti Peek (1889) ṣe là á kalẹ̀: ẹni tó mọ̀ pé irọ́ lòún ń pa, tàbí tí kò bìkítà bóyá òótọ́ ni. Ẹ rántí pé ẹrù ẹ̀rí ẹ̀tàn wúwo lọ́dọ̀ wa. Bí ẹ̀sùn ọ̀daràn bá yọjú nínú ẹjọ́ owó, abala 135 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní kí a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kọjá iyèméjì. Ìwé tí wọ́n kọ iye àtúnṣe sí nílé mẹkáníìkì Alhaji á wúlò níbẹ̀.

Àṣìṣe kan wà tí mo máa ń rí léraléra. Akẹ́kọ̀ọ́ á ka ìwé òyìnbó, á gbé Òfin Mísírẹ̀pùrẹsẹntéṣọ̀n ti 1967 wá, á ní abala 2 fún Ìyá Kẹ́mi ní owó. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Àwọn òfin ilé ìgbìmọ̀ wọn tí à ń lò gẹ́gẹ́ bí ogún kò kọjá èyí tó wà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900. Ẹ má fi í gba Ìyá Kẹ́mi ní ìmọ̀ràn ní Òṣogbo àfi bí ìbéèrè bá ní kí ẹ lo òfin Gẹ̀ẹ́sì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kí àdéhùn túká, àbí kí owó wọlé?

Fífagi lé àdéhùn ni pé kí olúkúlùkù padà sí ibi tó wà: Alhaji gba Sienna, Ìyá Kẹ́mi gba ₦4,500,000. Ẹ̀tọ́ yìí wà fún gbogbo irú irọ́, kódà èyí tí ẹni tó sọ ọ́ rò pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó yára bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ó ń bọ́ bí oníbàárà bá gba àdéhùn náà mọ́ra lẹ́yìn tó ti mọ òótọ́, bí ọjọ́ bá pẹ́ jù, bí nǹkan náà kò bá ṣeé dá padà mọ́, tàbí bí ẹlòmíràn tí kò mọ̀dí bá ti rà á.

Ẹjọ́ Long àti Lloyd (1958) fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti Ìyá Kẹ́mi gan-an. Long ra lọ́rì kan ní £750, wọ́n ní ipò tó wà dára lọ́nà àrà ọ̀tọ̀. Ní ìrìn àkọ́kọ́ ló ti rí i pé ó kún fún àbùkù. Ó gbà kí ọlọ́jà san ìdajì owó ohun kan tó bàjẹ́, ó sì tún rán lọ́rì náà lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ilé ẹjọ́ ní ó ti gbà á mọ́ra, kò lè dá a padà mọ́. Oṣù mẹ́ta tí Ìyá Kẹ́mi fi kó tòmátì lẹ́yìn tí mẹkáníìkì ti la ojú rẹ̀ ju ìrìn kan tí Long rán lọ́rì rẹ̀ lọ. Ẹ gbà á ní ìmọ̀ràn pé kó má bèèrè pé kí àdéhùn túká.

Owó ṣì wà fún un, nítorí pé gbígbà tó gba àdéhùn mọ́ra kò pa ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ẹ̀tàn. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ bó ṣe yẹ: ẹ fi í sí ibi tí ì bá wà ká ní wọn ò tàn án. Ó san ₦4,500,000, ó gba nǹkan ₦3,200,000, àdánù jẹ́ ₦1,300,000. Ẹ fi ₦240,000 tòmátì àti ₦60,000 ìfàmọ́tò kún un, nítorí pé nínú ẹ̀tàn, gbogbo àdánù tó ti ibẹ̀ wá tààrà ni ẹlẹ́tàn ń san, gẹ́gẹ́ bí Doyle àti Olby (1969). Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,600,000. Ẹ má fi ₦400,000 àtúnṣe kún un: ₦3,200,000 yẹn ti ka ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́ mọ́ ọn, ẹ óò gba owó kan lẹ́ẹ̀mejì.

₦5,000,000 ńkọ́? Ẹ tún bèèrè bóyá ọ̀rọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì ti di ara àdéhùn fúnra rẹ̀. Nínú ẹjọ́ Dick Bentley (1965), oníṣòwò mọ́tò tó ní mọ́tò kan kò tíì rìn ju 20,000 máìlì lọ láti ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n dá lẹ́bi, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ̀. Nínú Oscar Chess àti Williams (1957), ẹni tó kàn ń ta mọ́tò ara rẹ̀ fún oníṣòwò kò jẹ̀bi ọdún tó ṣì sọ. Oníṣòwò ni Alhaji. Lórí ọ̀nà yìí, ibi tí ìyá náà ì bá dé ká ní wọ́n mú ọ̀rọ̀ ṣẹ ni à ń wò: ₦5,000,000 yọ ₦3,200,000, ₦1,800,000. Kò sì ní láti fìdí ẹ̀tàn múlẹ̀.

Bí olùkọ́ bá wá fi ìlà kan kún un pé Ìyá Kẹ́mi dá Sienna padà lọ́jọ́ kejì tí mẹkáníìkì sọ̀rọ̀, ohun gbogbo yí padà. Ó lè gba ₦4,500,000 rẹ̀, kó sì tún bèèrè owó tòmátì àti ìfàmọ́tò nítorí ẹ̀tàn. Ohun tí kò lè bèèrè mọ́ ni ₦1,300,000, nítorí Sienna ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé Alhaji kò mọ̀, tí kò sì ṣe àìbìkítà, owó tí àdéhùn fúnra rẹ̀ bá dì í mọ́lẹ̀ láti ná nìkan ni yóò gbà mọ́ ìfàgilé, gẹ́gẹ́ bí ẹjọ́ Whittington àti Seale-Hayne (1900): wọ́n dá owó ilé àti àtúnṣe ilé padà fún ẹni tó yá ilé fún ìsìn adìyẹ, ṣùgbọ́n wọn ò san owó adìyẹ tó kú. Tòmátì Ìyá Kẹ́mi yóò bá adìyẹ wọ̀nyẹn lọ, àfi bó bá gba ọ̀nà Dick Bentley.