Tí ìwé owó àti báńkì ò bá bára mu lópin oṣù

Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù Ọjà Ọba Àkúrẹ́, ẹ kú ọjà o. Ẹ má kàn da iye tí báńkì gbé jáde kọ sínú ìwé owó yín. Ká ní ìwé yín sọ pé ₦186,400 ló wà ní báńkì, sítétímẹ́ǹtì sì ní ₦157,000. Ẹ fi bírò máàkì gbogbo iye tó bára mu nínú méjèèjì. Èyí tí kò bá ní máàkì ló fa ìyàtọ̀.

Nínú sítétímẹ́ǹtì, ẹ máa rí owó àtẹ̀jíṣẹ́ àti èyí tí wọ́n yọ lórí pí-ó-ẹ̀sì, ₦1,400 lápapọ̀. Ìyẹn ti lọ nìyẹn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bí ìnáwó. Ó ku ₦185,000. Nínú ìwé, ọjà ₦28,000 wà tí oníbàárà fi káàdì san nírọ̀lẹ́ ọjọ́ 31, tí kò tíì wọ báńkì. Èyí, ẹ má yọ ọ́ kúrò nínú ìwé o! Ẹ rò ó mọ́ ₦157,000 lórí bébà lọ́tọ̀, ₦185,000 náà ni. Ẹ wá a nínú ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ oṣù tuntun. Tí kò bá wọlé, ẹ mú rìsíìtì rẹ̀ lọ bá báńkì.

Tí ìyàtọ̀ bá ṣì kù, tó sì ṣe é pín sí mẹ́sàn-án gééré, bíi ₦900, ẹ wò ó bóyá ọmọ ṣọ́ọ̀bù kọ 5,400 dípò 4,500.