Ojú láptọ́ọ̀pù tó là, hínǹjì tó tú: ẹ ṣírò kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ará, kí ẹ tó sanwó àtúnṣe, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ta tòkúnbọ̀ irú ẹ̀rọ yẹn gan-an lónìí. Bí àtúnṣe bá ju ìdajì iye náà lọ, tí ẹ̀rọ sì ti lé lọ́dún 6, ẹ fi owó yẹn kún òmíràn. Ká ní tòkúnbọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦180,000, tí ojú tuntun àti owó iṣẹ́ jẹ́ ₦65,000: ẹ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí hínǹjì bá tún ti fa ike ya, tí ike tuntun gba ₦45,000, ó di ₦110,000 nìyẹn, ó ti kọjá ìdajì. Hínǹjì gan-an ló ń tan èèyàn jẹ. Bó bá ti le jù, ó máa ń tu ihò ìdè inú ike, lẹ́yìn náà á fọ́ ojú tàbí kó já wáyà tó gba ibẹ̀ kọjá. Nítorí náà, bí ìdè nìkan ló ṣì tú, ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè dè é. Gúlúù lórí ike tó ti fọ́ kì í pẹ́ tó fi ń ṣí. Ẹ kọ́kọ́ fi wáyà HDMI so ẹ̀rọ mọ́ tẹlifíṣọ̀n: bí àwòrán ibẹ̀ náà bá ń ṣẹ́jú, ojú tuntun lè má wo ohun tó ń ṣe é sàn. Ìṣirò yìí ò kan ẹ̀rọ tí kì í kúrò lórí tábìlì. Tẹlifíṣọ̀n yẹn ti tó fi ṣe ojú rẹ̀ o.