Lẹ́tà sí máníjà pé kí ó bá wa dín owó ọjà kù

Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù, bí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá jẹ́ £399 ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti fẹ́ rà á, tí ibòmíràn polówó rẹ̀ ní £349, ẹ kọ̀wé sí máníjà kí ẹ tó sanwó. Ẹ yẹ nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì wò dáadáa. Bí álífábẹ́ẹ̀tì tó parí nọ́ńbà náà bá yàtọ̀, wọ́n á ní ọjà mìíràn ni, ì báà jẹ́ àwọ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ẹ ṣírò owó ìgbéwálé pẹ̀lú: bí wọ́n bá fi £40 lé £349, ó ti di £389, £10 péré ló kù tí ẹ lè bèèrè.

Bí ìgbéwálé bá jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ kọ ọ́ ṣókí: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ yìí lọ́dọ̀ yín lónìí. Ó wà nílẹ̀ níbòmíràn ní £349, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbé e wá sílé. Ṣé ẹ lè gbà á bẹ́ẹ̀?” Ẹ fi fọ́tò ìpolówó tí déètì hàn lára rẹ̀ sí i. Òfin ò fi dandan mú wọn láti dín owó kù, nítorí náà ẹ má halẹ̀.