Ibi tí mo parí ìtàn Ìyá Rẹ̀mí sí

Nínú ìtàn kúkúrú tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tán, Ìyá Rẹ̀mí ń ránṣọ ní Òṣogbo. Ọkọ rẹ̀ ti lọ sókè òkun tipẹ́, obìnrin náà sì ti sọ yàrá ọkọ rẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù. Àfi bí ọkùnrin yìí ṣe pè é lórí fóònù pé òun ń bọ̀ ní Sátidé. Ìyá Rẹ̀mí ní kí àwọn ọmọṣẹ́ kó ẹ̀rọ ìránṣọ jáde nínú yàrá. Láti ibẹ̀, ṣé kí n pa ìtàn náà dé ni, àbí kí n ṣí i sílẹ̀?

Mo kọ ìparí méjèèjì kí n tó yan. Nínú èyí tó pa dé, ọkọ wọlé, ó bẹ̀bẹ̀, ìyàwó lé e jáde. Àlọ́ tó ń sọ ìdí ara rẹ̀ ni wọ́n pa fún wa dàgbà, torí náà irú ìparí yìí máa ń tẹ́ wa lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà ṣe wọlé báyìí ni ìtàn di tirẹ̀. Níbo ló wà látọjọ́ yìí? Kí ló dé tí kò fowó ránṣẹ́? Ìtàn mìíràn gbáà nìyẹn.

Nínú èyí tó ṣí sílẹ̀, ẹnìkan kanlẹ̀kùn, Ìyá Rẹ̀mí ṣí i, ó wo ẹni náà, ìtàn parí. Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ojú obìnrin yìí la fi ń wo gbogbo nǹkan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti rí ẹni tó dúró síta, èmi ni mo wá fi í pamọ́ fún òǹkàwé. Ẹ̀tàn nìyẹn.

Mo padà sí ojú ìwé àkọ́kọ́ láti wo ohun tí ìtàn náà ń béèrè gan-an. Kì í ṣe bóyá ọkọ máa dé. Ta ló ni yàrá yẹn báyìí ni. Ìyẹn ni mo dáhùn, mo sì fi èyí tó kù sílẹ̀: ní alẹ́ Fúráìdé, Ìyá Rẹ̀mí ní, "Ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn padà síbi tó wà."

Ó wá ku kí wíwá àti àìwá ọkọ jọ ṣeé gbà gbọ́. Mo fi kún un ṣáájú pé ó ti ṣèlérí bẹ́ẹ̀ rí nígbà Iléyá kan tí kò sì yọjú. Mo tún fi kún un pé lọ́tẹ̀ yìí, ó ti ní kí àbúrò rẹ̀ wá pàdé òun ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà.

Mo fún àwọn ọ̀rẹ́ kan kà. Ẹnìkan ní ọkọ máa dé, ẹnìkan ní kò ní dé, ìyẹn ò sì dùn mí rárá. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ní òun ò mọ̀ bóyá Ìyá Rẹ̀mí ti pinnu tàbí inú ló kàn ń bí i. Ìyẹn kì í ṣe ìparí tó ṣí sílẹ̀, ohun tí kò yé èèyàn ni. Mo wá jẹ́ kí ó pe oníbàárà kan lálẹ́ ọjọ́ náà pé kó wá wọn léèsì rẹ̀ wò ní Sátidé, nínú yàrá yẹn.