Bẹ́ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀ pọ́díkáàsì l'Ékìtì, kówó sì wọlé kí èrò tó pọ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń bi mí nípa pọ́díkáàsì ló rò pé àfi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún bá ń gbọ́ ọ kówó tó wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Tó bá jẹ́ 250 èèyàn péré ló ń gbọ́ yín, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ìjerò àti Ìkọ̀lé ni wọ́n wà, tí iṣẹ́ kan náà sì da gbogbo wọn pọ̀, owó wà níbẹ̀, ẹ ṣáà mọ ẹni tẹ́ ẹ máa lọ bá. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é dópin: ká ní ètò àwọn tó ń gbin iṣu lẹ fẹ́ ṣe, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ máa bá àgbẹ̀ kan tàbí alájàpá kan sọ̀rọ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan.

Ohùn lẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ má tíì lọ ra máìkì olówó ńlá, fóònù yín àti máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ aṣọ ti tó, ẹ há a mọ́ àyà, kó fi bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan jìnnà sí àgbọ̀n. Yàrá gan-an ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Yàrá tó ṣófo, tó jẹ́ táìlì nílẹ̀, ohùn á máa ta padà níbẹ̀, kò sì sí bẹ́ẹ ṣe fẹ́ yọ ọ́ kúrò tó bá ti wọlé. Ẹ jókòó sí yàrá tí bẹ́ẹ̀dì àti kọ́tìnì wà, ẹ ṣí wọ́ọ̀dúróbù tí aṣọ kún sílẹ̀ kẹ́ ẹ kọjú sí i, ẹ pa fáànù, tí jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì bá ń ké ẹ dúró kí wọ́n pa á. Kẹ́ ẹ tún tẹ Airplane mode lórí fóònù o, torí tí ìpè bá wọlé láàárín ọ̀rọ̀, ó lè dá gbogbo ẹ̀ dúró tẹ́ ò ní mọ̀.

Kẹ́ ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ kankan, ẹ jẹ́ kí fóònù gba ìdákẹ́jẹ́ sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Òun lẹ máa lò nínú Audacity tó wà lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni: ẹ yan ibi ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ẹ lọ sí Noise Reduction, ẹ tẹ Get Noise Profile, lẹ́yìn náà ẹ yan gbogbo ohùn, kẹ́ ẹ padà sí Noise Reduction kó lè yọ ariwo náà kúrò. Tí ohùn bá ti ń dún bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ omi, ẹ ti ṣe é jù nìyẹn, ẹ dín in kù. Ẹ tún ṣe Loudness Normalization sí -16 LUFS kí ohùn yín àti ti àlejò má bàa kéré ju ti ètò ẹlòmíì lọ, kẹ́ ẹ wá gbé e jáde ní MP3, Mono, 64 kbps. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á jẹ́ bíi 14 MB, dátà ẹni tó wà l'óko á gbé e.

Ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí ni Spotify for Creators, wọn ò gbowó. Ẹ ya àwòrán kan tó jẹ́ 3000 sí 3000 píksẹ́lì, ẹ gbé e sókè, wọ́n á fún yín ní líǹkì RSS tẹ́ ẹ máa mú lọ sí Apple Podcasts. Ẹ ti ní apá mẹ́ta nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kéde ẹ̀ fáráyé, torí ọ̀sẹ̀ kan á wà tí àlejò ò ní yọjú. Líǹkì ètò yín lórí Spotify lẹ máa fi sórí WhatsApp ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti ti ọmọ ìlú, kì í ṣe fáìlì, torí tẹ́ ẹ bá fi fáìlì ránṣẹ́ ẹ ò ní mọ iye àwọn tó gbọ́ ọ.

Ní ti kílíìpù, ìyẹn fídíò kéékèèké tẹ́ ẹ máa gé látinú ètò, ẹ gbé fóònù kejì dúró lóròó síwájú àlejò nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ wá ibi mẹ́ta tí ìdáhùn ti pé fúnra ẹ̀, bíi ibi tí àgbẹ̀ ti ṣàlàyé bó ṣe ń mọ èbù tó ti ń jẹrà nínú. Ẹ gé e látinú ìdáhùn gan-an, kì í ṣe látibi ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìsinmi, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ, kẹ́ ẹ sì fi ọwọ́ yín tẹ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ ẹ̀ torí èyí tí ẹ̀rọ ń kọ fúnra ẹ̀ máa ń ba Yorùbá jẹ́, ti Èkìtì ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́. Ẹ má retí owó YouTube látorí kílíìpù báyìí o. Kí wọ́n tó lè pín owó ìpolówó fún yín, àfi kẹ́ ẹ ní 1,000 olùtẹ̀lé, pẹ̀lú 4,000 wákàtí tí wọ́n fi wo fídíò yín láàárín ọdún kan, tàbí kí wọ́n wo Shorts yín, ìyẹn fídíò kúkúrú, lẹ́ẹ̀mílíọ̀nù mẹ́wàá láàárín 90 ọjọ́. Iṣẹ́ kílíìpù nísinsìnyí ni kó máa fa èèyàn wá síbi ètò, kó sì tún jẹ́ nǹkan tẹ́ ẹ lè tà mọ́ ti onígbọ̀wọ́.

Onígbọ̀wọ́ yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń ka orí ni, iye kan fún ẹgbẹ̀rún èèyàn. Ká ní wọ́n san ₦8,000 fún ẹgbẹ̀rún kan, 250 tiyín jẹ́ ₦2,000, kò tó owó epo. Torí náà ẹ má lọ bá wọn. Ẹ lọ bá oníṣọ́ọ̀bù tó ń ta páǹpù ìfínko àti oògùn oko l'Ádó, kẹ́ ẹ bi í ní ohun kan ṣoṣo: ẹ̀gbọ́n, èló lẹ ń jẹ lórí páǹpù kan? Ká ní ó sọ pé ₦5,000. Ẹ sọ fún un pé gbogbo ẹni tó bá dé tó dárúkọ ètò yín, kó yọ ₦500 fún un, kó sì máa fi bírò fa ìlà kan sínú ìwé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ gba ₦15,000 lọ́wọ́ ẹ̀ fún apá mẹ́rin, kẹ́ ẹ fi kílíìpù kan kún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ẹni mẹ́rin bá wá, ₦18,000 ti wọlé fún un, owó ẹ̀ ti padà. Tó bá jẹ́ ẹni mẹ́fà, ₦27,000 ni. Ìwé tó ń fa ìlà sí yẹn lẹ máa mú lọ bá oníṣọ́ọ̀bù kejì. Tó bá sì jẹ́ ẹnì kan péré ló wá, ẹ wo ìgbà tẹ́ ẹ polówó: ẹni tó ti fínko tán kò ní ra páǹpù mọ́, bóyá àdá tàbí àpò lẹ ò bá bá a polówó lóṣù yẹn.

Ẹnu yín ni kẹ́ ẹ fi polówó náà, ìṣẹ́jú kan, bí ètò bá ti wọ ìṣẹ́jú kẹjọ tí ọ̀rọ̀ ti dùn, kẹ́ ẹ sì sọ gbangba pé wọ́n sanwó fún un. Lórí YouTube ẹ tún gbọ́dọ̀ yan Paid promotion. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára oògùn kẹ́ ẹ tó dárúkọ ẹ̀, torí àpẹẹrẹ kan rèé: NAFDAC ti fòfin de pàrákúáàtì láti January 1, 2024, tẹ́ ẹ bá polówó irú ẹ̀ fún àgbẹ̀ tó gbà yín gbọ́, ewu lẹ fi ń ránṣẹ́ sí i.

Àtìlẹ́yìn àwọn tó ń gbọ́ yín ló kù. Àwọn ọmọ Èkìtì tó wà l'Ékòó àti n'Íbàdàn tí wọ́n fẹ́ máa gbọ́ ohùn ilé ló sábà máa ń ṣe é. Ẹ ṣí ojú ìsanwó sórí Paystack, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fowó ṣe ní pàtó, bíi owó ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ Òkèmẹ̀sí. Ẹ bèèrè ₦2,000 lóṣù, torí Paystack ń yọ ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún, tó bá sì ti tó ₦2,500 wọ́n á fi ₦100 kún un. Nínú ₦2,000, ₦1,970 ló máa dé ọwọ́ yín, nínú ₦2,500 wọ́n á yọ tó ₦137. Tẹ́ ẹ bá ti dé Òkèmẹ̀sí, ẹ gba ohùn sílẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ dárúkọ àwọn tó sanwó ọkọ̀ náà nínú apá yẹn, àwọn tó bá gbà kẹ́ ẹ dárúkọ wọn nìkan o.