Bí a ṣe ń tọpa ègún inú ìtàn akọni: òrùka Áńdífárì

Ìtàn ìdílé akọni kan, àwọn Fọ́lísúngì, tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní Áísílándì láàárín ọdún 1200 sí 1300, la ó fi ṣe é.

Kọ́kọ́ wá bí nǹkan náà ṣe kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín. Lókì, òrìṣà tó ń bá Ódínì olórí àwọn òrìṣà rìn, sọ òkúta pa ọmọkùnrin kan tó para dà di ẹranko odò. Bàbá ọmọ ní kí wọ́n fi wúrà kún inú awọ òkú náà, kí wọ́n tún fi bò ó mọ́lẹ̀. Lókì lọ fi àwọ̀n mú ràrá kan, Áńdífárì, ó gba gbogbo wúrà rẹ̀. Òrùka kan péré ni ràrá náà fẹ́ ṣẹ́ kù sọ́wọ́, Lókì já ìyẹn náà gbà. Ìgbà yẹn ni ràrá náà gégùn-ún pé òrùka náà àti wúrà náà ni yóò pa ẹnikẹ́ni tó bá ni wọ́n.

Lẹ́yìn náà, to orúkọ gbogbo ẹni tó gbà á, kí o sì kọ bó ṣe kúrò lọ́wọ́ kálukú. Ọwọ́ Ódínì ni òrùka wà, àmọ́ irun kan ṣì yọ lára awọ náà, bàbá ọmọ sì ní àfi kí wọ́n bò ó. Ódínì bọ́ òrùka, ó fi bò ó, ó bá tirẹ̀ lọ. Fáfínà, ọmọ bàbá náà mìíràn, pa bàbá rẹ̀ nítorí wúrà náà, kò fún àbúrò rẹ̀ ní nǹkan kan. Ó lọ sùn lé e lórí títí ó fi di dírágónì.

Ìgbésẹ̀ tó kù ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ń fò: bi ara rẹ bóyá nǹkan náà ba ìwà ẹni tó ni ín jẹ́ ni, tàbí ó kàn ṣokùnfà ikú rẹ̀. Ti Fáfínà, ìwà ló bàjẹ́. Ṣùgbọ́n Sígọ́dù, tó pa dírágónì náà, kò di ahun. Ó fún Búrínhílìdì, obìnrin tó ṣèlérí láti fẹ́, ní òrùka náà. Nígbà tí wọ́n fún un ní ohun mímu tó mú kó gbàgbé obìnrin yìí, ó gbé ìrísí ọkùnrin mìíràn wọ̀ láti bá onítọ̀hún fẹ́ ẹ, ó gba òrùka náà padà, ó sì fún Gúdúrúnì ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn obìnrin méjèèjì ń jà létí odò, Gúdúrúnì na òrùka náà sí i. Àṣírí tú pé Sígọ́dù ló para dà, Búrínhílìdì sì rí i dájú pé wọ́n pa Sígọ́dù. Ẹ̀rí lásán ni òrùka jẹ́ níbẹ̀.

Láti dán an wò, yọ òrùka kúrò létí odò: ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló kù fún Gúdúrúnì, Búrínhílìdì sì lè pè é ní irọ́. Àmọ́ má ṣe ka gbogbo ikú inú ìtàn mọ́ ọn. Bàbá Sígọ́dù ti kú sójú ogun kí òrùka náà tó dé ilé wọn, Ódínì fúnra rẹ̀ ló sì mú kí idà rẹ̀ ṣẹ́.